Àlàfo Tó Gba Iṣu Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Odó

Ní gbogbo Òkè-Ìlá l'Ádó-Èkìtì, ẹni tó bá ní òun mọ ìwé kọ ju Ọlálérè lọ, irọ́ ló ń pa. Kò jókòó sí yunifásítì kankan. Nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ ló ti kọ́ ara rẹ̀. Bó bá ṣàpèjúwe òjò sínú ìwé, ẹni tó ń kà á á dìde lọ wá agbòjò.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Ìjan-Èkìtì wá fẹ́ fíìmù kékeré tí wọn yóò fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń gbin iṣu, òun ni wọ́n bẹ̀ pé kó kọ ọ́. Àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá dára, iṣẹ́ mìíràn á tẹ̀lé e. Bó bá bàjẹ́, ó di ìdí fọ́tò páásípọ́ọ̀tù títí láé.

Ọlálérè kọ ọ́ bí ẹni ń kọ ìtàn àròsọ. Ojú ewé kún dẹ́múdẹ́mú, àwòrán àti ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn iṣu lórí igi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya fíìmù náà n'Íjan, Olúgbénga tó di kámẹ́rà mú ń fi ọwọ́ kan ṣí ìwé náà káàkiri.

"Bàbá, ibo ni kí n dojú kámẹ́rà kọ báyìí?"

"Kà á débẹ̀, wàá rí i. Mo ti sọ bí ìrì ṣe ń kán lórí ewé."

"Ìrì kẹ̀? Ọ̀sán ti pọ́n, Bàbá. Ìrì ti relé!"

Wọ́n ya Màmá Olúfúnkẹ́, ìyá olóko tó gbà wọ́n lálejò, bó ṣe ń gé iṣu sí ebu. Wọ́n sáré gbé kámẹ́rà lọ sóko, wọ́n ya bí àwọn òṣìṣẹ́ oko ṣe ń gbin ebu mìíràn tí wọ́n ti gé láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n padà dé ilé, Olúgbénga ti ń di ẹrù, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò dá kámẹ́rà padà fún ẹni tí wọ́n yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ Monínúọlá, ọmọbìnrin tó ń darí iṣẹ́ náà, ń mi orí.

"Ọkàn mi ò balẹ̀ pé a ti ya gbogbo rẹ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìlà sáàárín ìwé. Ohun tí ojú máa rí, ẹ kọ ọ́ sí òsì. Ohun tí etí máa gbọ́, ẹ kọ ọ́ sí ọ̀tún. Kí àwọn tó máa ṣẹlẹ̀ pọ̀ dojú kọ ara wọn."

"Ṣé ìwé ìṣirò ni? Ẹ fẹ́ gé ìtàn mi bí ebu!"

Olúgbénga rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o. Òsì ni èmi máa kà. Ẹni tó máa fi ohùn sí i á ka ọ̀tún. Ẹni tó máa tò ó pọ̀ á kà á láti òsì dé ọ̀tún, á mọ àwòrán tó bá ohùn mu. Kò sẹ́ni tó máa wọ igbó wá tirẹ̀ mọ́."

"Bó bá jẹ́ eré tí àwọn òṣèré ń bára wọn sọ̀rọ̀," Monínúọlá rọra fi kún un, "bí ẹ ṣe kọ ọ́ dára púpọ̀. Àmọ́ èyí, ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ tí a ò rí, tí àwòrán ń yí lábẹ́ ohùn rẹ̀."

Ọlálérè fa ojú ro. Ó jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó fa ìlà. Ìlà kan ń tẹ̀lé èkejì, òsì ń dá ọ̀tún lóhùn, títí ó fi kọ sí ọ̀tún pé: "Fi eérú pa ojú ibi tí o gé, kí ebu má baà jẹrà." Ó yíjú sí òsì. Bírò dúró. Àlàfo funfun ló ń wò ó.

"Gbénga! Ṣé a ya eérú?"

"Eérú wo?"

Àárín ìrì àti orin ẹyẹ ni Ọlálérè ti fi ọ̀rọ̀ eérú pamọ́ sí nínú ìwé àkọ́kọ́, Olúgbénga sì kà á kọjá. Nígbà tí wọ́n ń sáré lọ sóko ni Màmá ti fi eérú pa gbogbo ebu tó gé tán lẹ́yìnkùlé. Ta ni yóò wá kọ́ àgbẹ̀ nípa ebu láìfi eérú hàn? Ọlálérè fò dìde. Bí kò bá sí iṣu tí a kò tíì gé, ó parí.

Bẹ́ẹ̀ ló gbọ́ tí ẹnì kan ń fọ odó nílé ìdáná.

Eré tó sá, àwọn adìyẹ tó fọ́nká lọ́jọ́ náà kò tíì padà délé títí di òní. Màmá ti gbé iṣu kan lé itan, ọ̀bẹ ti kan èèpo.

"Ẹ dúró! Ẹ má bẹ ẹ́, Màmá!"

"Kí ló dé? Ṣé ejò wà nínú uṣu mi ni?"

"Ṣé ó ku òmíràn?"

"Òun nìkan ló kù. Iyán yín nìyẹn."

"Yéè!" Olúgbénga di ikùn mú lẹ́nu ọ̀nà. "Iyán ti lọ!"

Wọ́n gbé kámẹ́rà jáde. Màmá gé iṣu náà pẹ̀lú èèpo rẹ̀, ó bu eérú, ó fi pa ojú rẹ̀ títí ó fi di funfun, ó sì tẹ́ ẹ síbòji kó gbẹ. Monínúọlá wo ìwé, ó wo àwòrán inú kámẹ́rà, ó ní, "Ó ti wọlé!" Èémí tí Ọlálérè mí jáde lè gbọn máńgòrò náà tèso tèso.

Gàrí àti ẹ̀pà ni wọ́n mu. Kò sẹ́ni tó ráhùn, àfi Olúgbénga.

"Mu ún lọ, ọkọ mi," Màmá fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Bí ebu yẹn bá ta, wá jẹ iyán rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọlálérè fa ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó sì dí àlàfo òsì náà: "Ọwọ́ Màmá. Eérú. Ojú ebu." Ó tún un kà. Kò wá àyè kankan fún ìrì.