Ìlà Kìíní

Ìyá mi ló ń kọ́ kíláàsì wa ní ìtàn, kì í sì í fojú ọmọ wò mí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó kọ ọ́ sójú pátákó pé: "Ní 1931, wọ́n ṣí ọjà tuntun, torí pé ọ̀nà ọjà àtijọ́ ti dí láti 1929, nígbà tí omíyalé wó afárá." Ó ní ká sọ ọ́ di àtẹ: ọdún, ìṣẹ̀lẹ̀, ohun tó fà á, àbájáde rẹ̀.

Bí mo ṣe kà á ni mo ṣe tò ó: 1931 lókè, 1929 nísàlẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọmọ ló ń bí ìyá ni?" ni ìyá mi fi pariwo mọ́ mi. "Afárá ló kọ́kọ́ wó! Ọ̀nà tó dí ni àbájáde ìlà kìíní, òun náà ló fa ìlà kejì. Tún un kọ!"

Nígbà tá a délé, bàbá mi ti fa ojú ro sí ìyá mi. "Ṣé o rántí bó o ṣe jágbe mọ́ mi láàárọ̀?"

"Ìlà kejì nìyẹn," ni ìyá mi dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú kọ́kọ́rọ́ mi sápò. Ìyẹn ni ìlà kìíní."

Bàbá mi mi orí. "Rárá o. Ìlà kìíní ni ọjọ́ tí mo fẹ́ olùkọ́ ìtàn."