Orúkọ Bàbá Ló Ń Ṣíwájú

Ìyá Lẹ́sẹẹsẹ ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ojú. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń to orúkọ olórúkọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ẹ̀yìn ń ro ó, orúnkún ń dùn ún, kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀ sì ń lọ́ra bí ẹni tí wọ́n fipá jí.

Àwọn dókítà kan ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Ẹni ọgọ́ta péré ni wọ́n lè ṣe, àwọn tí wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀gá ọ́fíìsì, ọmọkùnrin tí Ìyá lè bí lọ́mọ, ní kí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì tò wọ́n, orúkọ bàbá níwájú, ẹni ọgọ́ta àkọ́kọ́ ló wọlé. Àwọn yòókù, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọkọ Ìyá Lẹ́sẹẹsẹ wà nínú wọn. Ọdún méjì nìyí tí funfun ti bo ẹyinjú bàbá náà, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a wá bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Lẹ́tà Y ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá rẹ̀. Ìyá ti mọ̀ kó tó jókòó pé kò lè wọlé. Kí ló kù tó fẹ́ sọ?

Òpó mẹ́ta tó dúró lóòró ni orúkọ wà nínú kọ̀ǹpútà: orúkọ tiwọn, orúkọ àárín, orúkọ bàbá. Ìyá ṣí òpó kẹrin, ó ní kí ẹ̀rọ kó orúkọ bàbá síwájú, kó fi kómà sí i, kí méjì yòókù tẹ̀ lé e. Ó ní kó yọ àlàfo tó bá pọ̀ jù kúrò, nítorí àwọn tí kò ní orúkọ àárín. Ó wá fa gbogbo ìlà pọ̀ kó tó tò wọ́n. Ẹni tó bá to òpó kan ṣoṣo, orúkọ bàbá onílé á lọ bá àlejò.

Ó wo òkè. Ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ fi kómà bẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan níwájú rẹ̀. Ó pòṣé. Ó wo ìsàlẹ̀ díẹ̀: ọkọ rẹ̀ rèé, ní ipò kẹsàn-án!

Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di tábìlì mú. Ó tún un kà. Orúkọ àárín ọkọ rẹ̀ ló wà níwájú kómà.

Ó lọ wo ibi tí àwọn oníkómà mẹ́rin ti wá. Ibùdó ìlera kan náà ni, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ rẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ti kọ́ láti kékeré pé orúkọ bàbá là á kọ́kọ́ kọ, ó sì kọ ọ́ sí òpó àkọ́kọ́, láìwo àkọlé tó wà lórí rẹ̀; orúkọ tiwọn wá bọ́ sí ìkejì, orúkọ àárín sí ìkẹta. Ẹni tí kò ní orúkọ àárín, òpó kẹta rẹ̀ ṣófo. Ẹni mẹ́tàlélógún ló forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gá yọjú, ó na ọrùn wo kọ̀ǹpútà. “Mà, ṣé ó ti tán? Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde jàre, aago mẹ́ta ti lù.”

“Ó ku díẹ̀, ọ̀gá.”

“Kómà mẹ́rin yẹn? Ẹ fi bírò tún un ṣe. Ta ló máa wò ó?”

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa wò ó. Ìyá jókòó síbẹ̀, ó ń bínú sí nọ́ọ̀sì, ó ń bínú sí álífábẹ́ẹ̀tì. Ó wá dìde, ó fa káàdì àwọn mẹ́tàlélógún náà jáde láti fi wé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ìyá télọ̀ kan wà nínú wọn tí kò lè fi okùn sí abẹ́rẹ́ mọ́. Ipò kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún ni àṣìṣe yẹn jù ú sí, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà A ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá rẹ̀.

Ó kó òpó àkọ́kọ́ àwọn mẹ́tàlélógún náà lọ sí ìkẹta, ìkejì sí àkọ́kọ́, ìkẹta sí ìkejì. Nígbà tó dé ìlà ọkọ rẹ̀, ó ṣe é náà. Ó tún wọn tò. Télọ̀ bọ́ sí ipò kẹfà. Ọkọ rẹ̀ di ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún.

Nígbà tó délé, bàbá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ibi tó ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ìyá wọn, ìwé ti jáde?”

“Ó ti jáde. Ẹ ò sí nínú ọgọ́ta.” Ó mí kanlẹ̀. “Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe, ẹ wà ní ìkẹsàn-án. Èmi ni mo tún un ṣe.”

Bàbá gbé orí sókè.

“Ìwọ?”

“Èmi ni.”

Ó na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kiri títí ó fi rí i. Ó ní, “Mú mi wọlé.”