Bí Mo Ṣe Yọ Ìmọ̀lára Kúrò Nínú Lẹ́tà

Lọ́dún tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, èmi nìkan ni mo jókòó ṣe ìdánwò Faransé nílé ìwé wa. Tíṣà wa kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbéra ga, pé ẹni tó bá dá sáré, òun ló máa ṣe ipò kìíní, òun náà ló máa gbẹ́yìn. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ mí létí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Ìwó, níbi tí a ti ń tẹ ìwé fáwọn ọmọ yunifásítì, mo kọ ọ́ sára páálí, mo sì gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà: A Ń TÚMỌ̀ FARANSÉ. "A" tí mo kọ yẹn, èmi nìkan ni. Ewúrẹ́ kan ló kọ́kọ́ yà síbẹ̀, ó sì jẹ etí páálí náà.

Àǹtí kan ló wá ṣìkejì ewúrẹ́. Ó ti ń kọ́ni ní ìṣirò ní Porto-Novo fún ọdún púpọ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́, ló bá kẹ́rù wálé. Ilé ìwé míṣọ̀n kan ń wá tíṣà ìṣirò. Ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́ ní Porto-Novo ti kọ lẹ́tà tó fi yìn ín sí prínsípà ilé ìwé míṣọ̀n náà, ní Faransé. Prínsípà ní kó lọ wá ẹni tí á túmọ̀ rẹ̀ sí òyìnbó, pé Àǹtí alára kò gbọdọ̀ dá sí i, kí ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sì lẹ ẹnu àpò ìwé náà pa. Àǹtí sọ fún mi pé bí iṣẹ́ yẹn ò bá bọ́ sí i, àfi kóun padà sọ́hùn-ún, kóun fi ìyá òun sílẹ̀ fáwọn aládùúgbò.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọwọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ló bọ́ sí. Àánú rẹ̀ ṣì ń ṣe mí tí mo bá rántí.

Ibi tí ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ti yìn ín ò le. Ìparí rẹ̀ ló gùn bí oríkì ọba. Ó yẹ kí n rántí pé àwọn Faransé ní bí wọ́n ṣe ń parí lẹ́tà, bí òyìnbó náà ṣe ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni mí. Tí àgbàlagbà bá rán ọ pé kó o kí ẹnì kan, tó o dé ọ̀hún tó o ní "wọ́n kí yín," wọ́n á ní o jí ìkíni jẹ lójú ọ̀nà. Èmi ò jí nǹkan kan jẹ. Mo ru gbogbo rẹ̀ délé, mo tún fi tèmi lé e. Mo kọ ọ́ pé: "I remain at your entire disposal. I pray you to accept, Madam the Directress, the expression of my very most distinguished feelings." Mo kà á sókè, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo lẹ àpò ìwé náà pa.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí padà dé. Kò jókòó. Ó ní prínsípà ń pè mí, pé ó bi òun pé irú ọ̀gá wo lòun bá ṣiṣẹ́. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ, mo ń fi Faransé gbàdúrà, kí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ má baà gbọ́.

Bí a ṣe wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, orí mi lọ gbá ẹsẹ̀ àga. Ìyá àgbà ni prínsípà náà. Ó mú lẹ́tà mi, ó bọ́ awò ojú, ó tún un wọ̀.

"Ọkùnrin tí mi ò rí rí ń fi ìmọ̀lára ránṣẹ́ sí mi," ó ní. "Ó ní òun wà lọ́wọ́ mi pátápátá. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ìyàwó díákónì ni mí."

Mo ní kì í ṣe ìmọ̀lára, mà, bí wọ́n ṣe ń parí lẹ́tà ni.

Ó ní ẹni tó bá ń bá àjèjì tage nínú lẹ́tà iṣẹ́, ìyìn rẹ̀ náà lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Mo ní "Yours faithfully" lásán ló túmọ̀ sí. Ó wá wò mí látorí délẹ̀.

"Tó o bá ti mọ̀, kí ló dé tó ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Àbí inú kẹ̀kẹ́ lẹ ti fẹnu kò?"

Mo wo Àǹtí, ó ń wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn lojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là pé bí mo bá parí lẹ́tà náà bó ṣe yẹ báyìí, ẹ̀tàn ló máa jọ. Prínsípà gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i pé bí àwọn Faransé ṣe ń parí lẹ́tà nìyẹn. Mo bi Àǹtí bóyá lẹ́tà Faransé mìíràn wà nínú báàgì rẹ̀, èyíkéyìí. Ó tú u títí, ó fa ọ̀kan yọ, kò sì kọ́kọ́ fẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé rẹ̀ ní Porto-Novo ló kọ ọ́. Ó fẹ́ ta ilé, ó ń lé e jáde.

Mo bẹ prínsípà pé kó fi fóònù rẹ̀ ya ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, kí fóònù túmọ̀ rẹ̀ fún un. Fóònù ní kí Àǹtí kó jáde nínú ilé. Mo wá gbé lẹ́tà Faransé méjèèjì, ti onílé àti ti ọ̀gá rẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo fi ìka tọ́ ìlà ìparí wọn: *sentiments distingués* níhìn-ín, *sentiments distingués* lọ́hùn-ún.

"Mà, onílé tó ń lé e síta ní irú ìmọ̀lára yẹn sí i."

Ó fi ìka tiẹ̀ tọ ọ̀rọ̀ náà lọ, ó tún padà. Ẹnu ti fẹ́ máa yún mi.

"Ẹ̀yin náà, mà, ẹ máa ń kọ 'Yours faithfully' sí káńsù. Ṣé ẹ ti wá di ti káńsù ni?"

Mo ti ń ro bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún ìyá mi pé wọ́n lé mi jáde nílé ìwé tí mi ò lọ. Àfi bí ìyá àgbà ṣe bú sẹ́rìn-ín, tí awò ojú rẹ̀ jábọ́ sórí tábìlì. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń sọ pé òun jẹ́ ti káńsù, pé wọn ò sì wá gbé òun lọ ọjọ́ kan.

Ó ní kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà òun, kí n tún un ṣe níṣojú òun. Lókè, mo yọ "Madam the Directress," mo fi "Dear Madam" sí i. Ó bi mí bóyá gbogbo ìparí ni mo fẹ́ gé. Mo ní rárá, pé ibì kan wà tí kì í ṣe ìkíni lásán: ọkùnrin náà gbà pé kí wọ́n bi òun ní ohunkóhun nípa Àǹtí, ẹni tó bá gé ìyẹn ti jalè. Mo kọ ọ́ bí òyìnbó ṣe ń sọ ọ́, "Please do not hesitate to contact me if you need further information." Ìmọ̀lára yòókù, tòun ti ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, mo fi "Yours faithfully" rọ́pò wọn. Prínsípà ní "sincerely" ńkọ́? Mo ní ìyẹn wà fún lẹ́tà tó bá ti pe ẹni náà lórúkọ lókè, èyí ò sì pe orúkọ kankan.

"Ìwọ tó o mọ gbogbo èyí," ó ní, "lo kọ rádaràda yẹn lánàá?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló kọ tàná, mà. Èmi ni àkọ́bí.

Ó ka lẹ́tà tuntun náà látòkè délẹ̀, ó fọwọ́ sí igun rẹ̀, ó yíjú sí Àǹtí. "Ọjọ́ Ajé," ó ní. "Àwọn ọmọ SS kìíní ò mọ ìdá rárá. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

A jáde síta. Àǹtí pe ìyá rẹ̀, ó ní òun ò lọ mọ́, òun ti ríṣẹ́. Mo ń gbọ́ ìyá náà tó ń pariwo ọpẹ́ nínú fóònù, lẹ́yìn náà ló wá ní kó ra ẹja bọ̀, kó sì má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbé eléegun fún un.