Ọ̀rọ̀ Alága Tó Padà Wálé

Àǹtí Taípì ni gbogbo ilé-iṣẹ́ fóòmù ìbùsùn náà ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ taípì kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Orúkọ tó bá ti mọ́ni lára kì í ṣí bọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá. Lọ́dọọdún sì ni, tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn ọdún fún àwọn tó ní ìpín níbẹ̀, òun ló ń kọ ojú ewé àkọ́kọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ Alága, tí Alága yóò wá fọwọ́ sí.

Ká má parọ́, kì í kọ ọ́ rárá. Ti èṣí ló máa ń mú, á yí ọdún rẹ̀ padà, á sì bu ìyìn díẹ̀ sí i bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. "Ọdún aláìlẹ́gbẹ́." "Àṣeyọrí tí ojú kò rí rí." "Ẹ̀rọ wa tí kò ní èkejì." Ọdún méje gbáko ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀, Alága ń fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò sì ta kò ó. Ó ní ìdí tirẹ̀. Akọ̀wé tó wà lórí àga yẹn ṣáájú rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan pé ọjà kò tà, kò sì lo oṣù yẹn parí níbẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àǹtí Taípì kò fẹ́ kí wọ́n tún wá ẹlòmíràn sórí àga náà.

Lọ́dún yìí ni ọ̀rọ̀ Alága padà wálé. Àwọn ọ̀dítọ̀ tó ń yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ wò ló dá a padà. Wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé Alága ní àwọn kọjá gbogbo ohun tí àwọn fojú sùn, bẹ́ẹ̀ ojú ewé kẹrìnlá ní ọjà lọ sílẹ̀, èwo wá ni ká gbà? Akọ̀wé àgbà ilé-iṣẹ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò rí kó jókòó rí, wá ṣàlàyé fún un lórí ìdúró. Bí wọn kò bá tún un ṣe, àwọn ọ̀dítọ̀ yóò kọ ọ́ sínú ìròyìn tiwọn pé ọ̀rọ̀ Alága kò bá ìṣirò mu, gbogbo ayé yóò sì kà á. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kó dé iwájú Alága, lẹ́yìn náà kó lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí Alága ń darí, kí àwọn atẹ̀wé tó gbà á.

Àǹtí Taípì béèrè ohun tí òun máa kọ.

"Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀," ni akọ̀wé àgbà wí. "Ẹ má yìn, ẹ má sunkún."

Ó ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáhùn: mélòó? Mélòó ni ti èṣí? Kí ló fà á? Kí la ti ṣe sí i? Àǹtí Taípì fi ìbéèrè wọ̀nyí wo ojú ewé náà látòkè délẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan tó yè é àfi ẹ kú ọdún.

Ó wá dìde lọ wá nọ́ńbà, ibẹ̀ gan-an lorí rẹ̀ ti dàrú. Fọ́múàn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní fóòmù ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì ni àwọn ṣe. Olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì ló jáde lẹ́nu géètì. Ọ̀gá àwọn òǹtajà, tí ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ, ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógójì ni àwọn oníbàárà béèrè fún, pé kó fi ìyẹn síbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta fún ọdún kan ṣoṣo, gbogbo wọn ló sì jẹ́ òótọ́. Ó padà lọ bá akọ̀wé àgbà pẹ̀lú ojú ẹni tó ṣìnà. Ọkùnrin náà béèrè èwo ni wọ́n fi ń ka ti èṣí. Èyí tó jáde lẹ́nu géètì ni. Ó ní kó fi í ka ti ọdún yìí náà, ìbáà korò. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ òṣùwọ̀n ń tan ara rẹ̀ ni.

Òmíràn tún rèé. Nínú ọgọ́rùn-ún fóòmù, èṣí, mẹ́ta ni àwọn oníbàárà ń dá padà nítorí pé ó ń rì. Lọ́dún yìí, ẹyọ kan ni. Ìyẹn dára. Ilé ìtajà mẹ́fà ni wọ́n ṣèlérí, méjì ni wọ́n ṣí. Ìyẹn kò dára. Ọdún rere ni àbí ọdún burúkú? Àǹtí Taípì kò lè sọ. Láti ìgbà tó ti ń yìn ín, kò béèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó padà dọ́dọ̀ fọ́múàn láti béèrè ohun tó mú kí ọjà dín kù, ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú òkèèrè. Ẹ̀rọ tó ń da fóòmù dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ṣé kò gbọ́ ni? Ó gbọ́. Wọ́n ní kí ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ lọ jókòó sílé títí yóò fi ṣeé lò, àbúrò ọkọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Ilé rẹ̀ ni ọmọkùnrin náà ti ń jẹun ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, tí kò lè gbójú sókè. Fọ́múàn wá mú lẹ́tà méjì jáde, ọdún méjì tó tẹ̀ léra, tó fi bẹ ìgbìmọ̀ pé mọ́tò ẹ̀rọ náà ti ń kú lọ. Ìdáhùn kan náà ló gbà fún méjèèjì: kí wọ́n ṣì ní sùúrù ná.

Ojú ewé kan péré ni ohun tó kọ. Ó sọ ohun tí wọ́n fojú sùn, ohun tó jáde àti iye tó fi dín sí ti èṣí. Ó sọ bí iye fóòmù tí wọ́n ń dá padà ṣe dín kù, ó sì sọ pé àyẹ̀wò tuntun ló fà á. Ó sọ ti ilé ìtajà mẹ́rin tí kò ṣeé ṣe. Ó wá kọ ọ́ pé: "Ẹ̀rọ wa dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Lẹ́ẹ̀mejì ni ìgbìmọ̀ ti sún ìpààrọ̀ mọ́tò rẹ̀ síwájú. A ti pààrọ̀ rẹ̀ báyìí, a ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣooṣù."

Dókítà tó ti fẹ̀yìn tì ni Alága. Kò mọ nǹkan kan nípa fóòmù ju kó sùn lé e lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún ló sì ń wá fún ìpàdé. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí Taípì dúró níwájú tábìlì, ó ń fọkàn ka àwọn ohun tí òun máa kó kúrò nínú dúrọ́ọ̀.

"Ta ló ń kọ ti tẹ́lẹ̀?" ni Alága béèrè.

"Èmi ni, sà."

"Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀rọ wa kò ní èkejì?"

Àǹtí Taípì ní òun rò pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbọ́ ni.

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. "Nígbà tí lẹ́tà fọ́múàn dé ìpàdé, mo gbé ìwé ìròyìn sókè fún wọn. Mo ní ṣé ẹ ò rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ̀rọ wa kò ní èkejì ni? Èmi rò pé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ló ti wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí wọ́n ní sùúrù."

Kò pariwo. Ó mú bírò, ó fa ìlà sórí "ìgbìmọ̀", ó sì kọ "èmi, Alága" sókè rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó dá ìwé náà padà fún un, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àǹtí Taípì dúró sí kọ́ridọ̀ pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Wọn kò lé e. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, kò sì dùn. Ó tún ka gbólóhùn tí Alága tún ṣe. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó bá ìṣirò mu, àwọn ọ̀dítọ̀ kò ní rí nǹkan kan fà jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni méjì ló sún mọ́tò náà síwájú, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà lórí ìwé.