Òdo tí Memunat Kò Gbàgbé

Memunat ọmọ Làmídì ni olùkọ́ ìṣirò tí àwọn ọmọ ń bẹ̀rù jù ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Borokiri, ní Port Harcourt. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹgbẹ́ asalátù kan náà ni èmi àti ẹ̀ wà, a jọ ń jókòó sórí ẹní kan. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, kò fi bò. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní, "Kọ ọ́ bó ṣe rí. Má fi ṣúgà sí i."

Bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń tún aago ṣe nínú ìsọ̀ kékeré kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú omi. Awò kékeré kan máa ń há sí ojú ọ̀tún rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, débi pé bí ó bá yọ ọ́, àpá rẹ̀ á ṣì yí ojú náà ká. Kò kàwé. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọmọbìnrin òun mọ ìṣirò, ó sì máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá gbé aago wá, ìbáà jẹ́ ará Okrika tí kò gbọ́ Yorùbá. Á fi Pidgin sọ ọ́ fún un pé, "My pikin sabi book."

Ní ọdún 2004, Memunat wà ní kíláàsì ìkẹyìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìdíje ìṣirò kan ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ epo kan ló gbé e kalẹ̀, ẹni tó bá sì ṣe ipò kìíní tàbí ìkejì, wọn yóò rán an lọ sí yunifásítì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò kọ́kọ́ dán àwọn ọmọ tirẹ̀ wò. Ẹni tó bá gba ogójì máàkì nínú àádọ́ta ni wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Tíṣà Ọbáfẹ́mi ló ṣe ìdánwò náà. Ọmọ Èkìtì ni, ó wá sìnrú ìlú ní Port Harcourt, kò sì padà sílé mọ́. Ó mọ ìwé, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè ìkẹyìn nìyí: wá gbogbo k tí kx² + 2kx + 3 yóò fi ju òdo lọ, ohunkóhun tí x ìbáà jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí Memunat ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, èmi tí mo ń ta aṣọ. Nọ́ńbà tí a máa yàn ni k. Gbogbo nọ́ńbà tó wà láyé ni x lè jẹ́. Wọ́n ní kí o yan k tó jẹ́ pé kò sí x kan tó máa lè fa ìdáhùn náà wálẹ̀ dé òdo. Bí o bá ya iye rẹ̀ sórí ìwé, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí abọ́ tí a dojú rẹ̀ kọ òkè, kí ìdí abọ́ náà má sì kan ilẹ̀. Kí ó tó lè dojú kọ òkè, k gbọ́dọ̀ ju òdo lọ. Kí ìdí rẹ̀ má baà kan ilẹ̀, b² yọ 4ac gbọ́dọ̀ kéré sí òdo (a ni iye tó wà níwájú x², b ni ti x, c ni èyí tó dá dúró). Níbí, 4k² − 12k nìyẹn. Bí o bá kó 4k síta, 4k(k − 3) ló kù, ìyẹn sì kéré sí òdo nígbà tí k bá wà láàárín òdo àti mẹ́ta. Mẹ́ta fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí pé bí k bá jẹ́ mẹ́ta, x tó jẹ́ −1 yóò fà á dé òdo gan-an.

Ibí ni Tíṣà Ọbáfẹ́mi dúró sí. Memunat kò dúró. Ó bi ara rẹ̀ pé, òdo fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí k bá jẹ́ òdo, kx² lọ, 2kx náà lọ, mẹ́ta nìkan ló kù. Mẹ́ta sì ju òdo lọ, ohun yòówù kí x jẹ́. Kò sí abọ́ mọ́, ìyẹn kuadirátíìkì lẹ́nu àwọn olùkọ́, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ga ni. Nítorí náà ó kọ 0 ≤ k < 3.

Tíṣà fi bírò pupa fa ilà kọjá lórí rẹ̀. Nínú ìwé ìdáhùn tirẹ̀, 0 < k < 3 ló wà. Ó yọ máàkì kan. Memunat gba mọ́kàndínlógójì.

Ó lọ bá a. Tíṣà ní, "Òdo ni ìwọ fẹ́ fi ṣe kuadirátíìkì? Jókòó." Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ ti ìsọ̀ rẹ̀, ó wọ agbádá, ó sì lọ sí yàrá àwọn olùkọ́. Memunat wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí bàbá rẹ̀, ẹni ọgọ́ta ọdún, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì níwájú ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

"Ọ̀gá tíṣà, ẹ bá mi tún un wò. Ọmọ yẹn kì í purọ́ nọ́ńbà."

Ọbáfẹ́mi kò ní kó dìde. Ó ń ka ìwé rẹ̀ lọ. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ lọ máa tún aago yín ṣe. Awò ojú yín yẹn kò lè rí ìṣirò."

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn. Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ránṣẹ́. Memunat ta káàdì ìpè fún ọdún mẹ́fà, ó wá wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó sì di olùkọ́ nígbẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ti kú kó tó gba ìwé ẹ̀rí.

Gbogbo kíláàsì tó bá kọ́, òfin kan náà ló ń fún wọn: bí wọ́n bá fi lẹ́tà síwájú x², ẹ kọ́kọ́ fi òdo síbẹ̀ wò. Àwọn ọmọ rò pé ìṣirò lásán ni. Èmi mọ̀ pé ìbínú ni. A máa ń sọ fún un ní asalátù pé ẹ̀san ń bẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ẹnu mi kò fi bẹ́ẹ̀ yá láti sọ ọ́ mọ́.

Ní 2022, ilé-ẹ̀kọ́ Memunat ń wá olùkọ́ ìṣirò kejì. Ìdánwò WAEC ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Madam Tamunotonye tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà gbé ìwé àwọn tó wá iṣẹ́ fún Memunat, nítorí òun ni olórí ẹ̀ka ìṣirò. Orúkọ kẹta ni Ọbáfẹ́mi. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, ó sì ti ń jókòó sílé láti ọdún tó kọjá.

Memunat ní, "Mo ka orúkọ yẹn. Mo ṣe alhamdulillahi."

Mo bi í pé kí ló ń dúpẹ́ fún. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ ọ́ tán.

Ẹni tó bá wá iṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ kíláàsì kan lójú olórí ẹ̀ka àti Madam. Ogún máàkì ni, méjìlá ni wọ́n fi ń gba èèyàn. Memunat ló yan ohun tí yóò kọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìbéèrè náà: kx² + 2kx + 3. Kò yí nǹkan kan padà.

Ọbáfẹ́mi wọlé pẹ̀lú irun funfun àti ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Kò dá a mọ̀. Ó kí i ní "Good morning, ma," ó sì tẹrí ba. Memunat àti Madam jókòó sẹ́yìn.

Ó mọ̀ ọ́n kọ́, kí á má purọ́. Ó ya abọ́ náà sójú pátákó, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé e. Ó wá dé 4k(k − 3), ó kọ 0 < k < 3, ó fa ilà méjì sábẹ́ rẹ̀. Memunat ti ń sún àga rẹ̀ sẹ́yìn láti dìde nígbà tí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Boma nawọ́ sókè.

"Sir, if k na zero nko?"

Ọbáfẹ́mi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Zero no be quadratic, my dear. Sit down, make people wey sabi learn."

Ọ̀rọ̀ ọdún méjìdínlógún. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Boma jókòó, ó sì dorí kodò.

Memunat dìde. Yorùbá ló fi sọ ọ́, kí àwọn ọmọ má baà gbọ́.

"Sà, ẹ fi òdo síbẹ̀."

"Ha, Yorùbá ni yín, ma? Kò pọn dandan. Kò ní jẹ́ kuadirátíìkì mọ́."

"Ẹ ka ìbéèrè náà fún mi. Níbo ni wọ́n ti ní kó jẹ́ kuadirátíìkì?"

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi òdo síbẹ̀. Ohun tó kù lójú pátákó ni mẹ́ta.

"Mẹ́ta ju òdo lọ àbí kò jù ú?"

"Ó jù ú." Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ma, ọdún tí mo ti ń kọ́ èyí... bó ṣe wà nínú ìwé mi nìyẹn."

"Mo mọ ìwé yín. Ẹ ti fi yọ máàkì mi rí. 2004. Bàbá mi ló ń tún aago ṣe."

Ọbáfẹ́mi wo ojú rẹ̀. Kò rántí ọmọ náà. Bàbá yẹn ló rántí, Memunat rí i lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú láti dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ kan ilẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì.

"Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ẹni tí ẹ jẹ ní ìdọ̀bálẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́."

Ó kọ ọ́: 0 ≤ k < 3. Memunat ní kí ó bẹ Boma. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní, "My daughter, na you correct." Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún Boma.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, n kì bá tí ní nǹkan láti wí. Ṣùgbọ́n ìwé máàkì wà lọ́wọ́ Memunat. Ìmúra, ohùn, ìlò pátákó, ọ̀nà ìkọ́ni, òtítọ́ ohun tó kọ́. Ó rò ó. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó yẹ kó yọ nítorí òdo àti nítorí Boma, mẹ́tàlá ni. Ó rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́tàlá. Ó wá padà síbi ìlò pátákó, ó yọ méjì, ó sì kọ mọ́kànlá.

Madam Tamunotonye wò ó. "Auntie Memuna, one mark? This man sabi teach o. WAEC dey come."

"Twelve is twelve, ma," ló dá a lóhùn.

Ọbáfẹ́mi dúró dè é lẹ́nu géètì. Kò bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́. Ó ní, "Òdo yẹn, ìyá mi, n kò mọ̀ ni. Mo fi Ọlọ́run búra. Ti bàbá yín ni mo mọ̀."

Ìdáhùn rẹ̀ ni, "Òdo yẹn, mo lè dárí ẹ̀ jì yín." Ó sì kọjá lọ.

Nígbà tó sọ ọ́ dé ibẹ̀, mo ní, "Memunat, mẹ́tàlá ni o. Ohun tó ṣe fún ọ láìmọ̀, ìwọ mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é fún un. Wọn ò tíì fi lẹ́tà ránṣẹ́. Lọ tún un ṣe."

"Mo mọ̀ pé mẹ́tàlá ni. Mo tún un rò nínú kẹ̀kẹ́ bí mo ṣe ń bọ̀."

"Ọlọ́run ń wò wá."

Ó ní, "Ó ń wò nígbà tí bàbá mi dọ̀bálẹ̀ náà."

Èmi tí mo ń ṣe wáàsí fún àwọn obìnrin, mo kàn tún ọ̀rọ̀ mi sọ pé, "Lọ tún un ṣe."

Fóònù rẹ̀ dún lójú mi. Madam ni. Ó fẹ́ fi lẹ́tà pé wọn kò gba Ọbáfẹ́mi síṣẹ́ ránṣẹ́, ó ń béèrè bóyá Memunat ṣì dúró lórí máàkì rẹ̀, nítorí pé bí kò bá sí olùkọ́ kejì, Memunat nìkan ni yóò máa kọ́ kíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí WAEC yóò fi parí.

Memunat wo ojú mi. Mo gbọn orí mi fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"I go carry the four, ma," ló wí. "Send am."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó fa ìwé kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín wákàtí kíláàsì mẹ́rin láàárín ọjọ́ márùn-ún. Mo bá a di ẹ̀gbẹ́ ìwé náà mú kí atẹ́gùn má gbé e. Mo gbàdúrà fún un ní asubáà ọjọ́ kejì. N kò mọ èwo ni kí n tọrọ, nítorí náà mo kàn dárúkọ rẹ̀, mo sì dárúkọ Ọbáfẹ́mi tẹ̀ lé e.