Páálí Òfìfo Tó Lọ sí Kàdúná

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 1979, Mọ́rìnọ́lá tó ń ṣòwò aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn fi páálí kan ránṣẹ́ sí Kàdúná. Ọjọ́ náà kò ní àríyànjiyàn. Ó wà lára òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sórí rìsíìtì rẹ̀. Ohun tí rìsíìtì kò sọ ni pé kò sí nǹkan kan nínú páálí ọ̀hún.

Àrínọlá ló fi í ránṣẹ́ sí. Ọdún mọ́kànlá ni Àrínọlá ti ń bá a ta aṣọ ní Kàdúná. Ọwọ́ rẹ̀ ni Mọ́rìnọ́lá bí Bàṣírátù, àkọ́bí rẹ̀, sí, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń gbé àdúgbò kan náà ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ wọn kò ní àléébù, àfi ìgbà tí ẹrù oṣù kẹta dé Kàdúná. Ìró mẹ́fà ni Mọ́rìnọ́lá kà, ìró márùn-ún ni Àrínọlá ní òun bá. Ti oṣù kẹrin rí bẹ́ẹ̀. Ti oṣù karùn-ún náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ àṣìṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ńkọ́? Mọ́rìnọ́lá gbà pé Àrínọlá kì í tilẹ̀ ka aṣọ mọ́. Bí ẹrù bá ti dé, ó kàn ń kọ̀wé pé ọ̀kan dín ni. Ó wá ro ó pé kí òun fi òfìfo dán an wò. Olóòótọ́ tó bá rí òfìfo, ọjọ́ náà ni yóò pariwo. Olè ni yóò jókòó ti ọ̀rọ̀, tí yóò máa wá ohun tí yóò sọ.

Akínyẹlé, tíṣà tó ń bá a kọ lẹ́tà, sọ fún un pé ìdánwò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé olè náà lè pariwo, kódà ariwo rẹ̀ lè ju ti olóòótọ́ lọ. Mọ́rìnọ́lá kò gbọ́. Ó ti ní kí àwọn tó ń hun aṣọ fún òun dáwọ́ dúró. Oníbàárà kan láti Ìlọrin ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa kó gbogbo aṣọ fún òun. Bí ìdáhùn Àrínọlá kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó parí nìyẹn láàárín wọn.

Ládòkun, ọkọ rẹ̀, ló máa ń di ẹrù. Bí Mọ́rìnọ́lá bá ti ka aṣọ tán, òun á tò ó sínú páálí, á fi aṣọ funfun líle rán an mọ́ra yíká, á yọ́ ìda pupa sórí ìdí okùn, á sì gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn ó wà ní Tẹ̀dé, ó lọ wo oko iṣu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mọ́rìnọ́lá fúnra rẹ̀ ló rán páálí náà, irú èyí tí wọ́n máa ń lò gan-an, irú aṣọ kan náà, irú okùn kan náà, irú ìda kan náà.

Akọ̀wé orí káńtà gbé e wò, ó tún gbé e wò.

“Ìyá, ṣé atẹ́gùn lẹ fi ń ránṣẹ́ ni?”

Ó bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Mọ́rìnọ́lá kò fẹ́ purọ́. Ó ní kí ó kọ “páálí kan.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó fi pẹ́ńsù kọ iye rẹ̀ sí igun aṣọ funfun náà: ààbọ̀ kílò. Ó lẹ sitáǹbù, ó fún un ní rìsíìtì tó ní nọ́ńbà, ó sì so káàdì pupa rẹ́súrẹ́sú kan mọ́ ẹrù náà. Àrínọlá yóò fọwọ́ sí káàdì yẹn lọ́jọ́ tó bá gba ẹrù, wọn yóò sì dá a padà sí Ìsẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ pé ẹrù kò dé.

Ìdúródè bẹ̀rẹ̀. Inú àpótí lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ Akínyẹlé ni lẹ́tà Mọ́rìnọ́lá máa ń gbà wọlé, ojoojúmọ́ ló sì ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ládòkun dé láti Tẹ̀dé, ó gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ṣe. Ó ní ó dára, pé ẹ̀rí ti tó, pé kí ó tilẹ̀ gba ti ará Ìlọrin láìdúró de ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń béèrè ní alaalẹ́ bóyá lẹ́tà dé. Mọ́rìnọ́lá rò pé ó ń bá òun bínú sí Àrínọlá ni.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà ni káàdì dé. Àrínọlá ti gba ẹrù láti ọjọ́ kọkànlélógún. Ọjọ́ méje! Kò sì sí lẹ́tà. Mọ́rìnọ́lá wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí káàdì, lẹ́tà A gàgàrà tó máa ń kọ, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó ní kí Akínyẹlé kọ̀wé sí Ìlọrin. Akínyẹlé ní kí ó jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Bí Bàṣírátù bá pè é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀kẹta ni yóò tó dáhùn.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọjọ́ karùn-ún oṣù keje, Akínyẹlé mú lẹ́tà wá sílé. Ládòkun wà níjòókòó lórí ẹní. Ó ní kí tíṣà fi lẹ́tà sílẹ̀, pé òun máa kà á nígbà tó bá yá. Mọ́rìnọ́lá ní kí Akínyẹlé kà á nísinsìnyí.

Àrínọlá ní kí ọ̀rẹ́ òun má bínú pé òun pẹ́. Iwájú akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ Kàdúná lòun ti tú ẹrù náà. Ọ̀kankan lára ojú rírán kò já, ìda pupa kò sì fọ́. Akọ̀wé gbé e sórí ìwọ̀n: ààbọ̀ kílò, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní Ìsẹ́yìn. Òun bá lọ ń wá aṣọ funfun tí wọ́n fi di ẹrù mẹ́ta ìṣáájú, ohun tó dá òun dúró nìyẹn, nítorí òun ti kó wọn fún ọmọ àbúrò òun. Kílò márùn-ún àbọ̀ ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pẹ́ńsù Ìsẹ́yìn ni.

Akínyẹlé ṣí ojú ìwé kejì. Àrínọlá ní òun gbé ìró kan sórí ìwọ̀n, kílò kan géérégé ni. Bí a bá yọ ààbọ̀ ti páálí òfìfo kúrò, aṣọ márùn-ún ló kù. Ìró mẹ́fà ìbá wọn kílò mẹ́fà àbọ̀. Nítorí náà, kò sí olè lójú ọ̀nà, kò sì sí olè ní Kàdúná. Aṣọ kẹfà kò dé orí ìwọ̀n Ìsẹ́yìn rí. Ó wá béèrè pé ta ló máa ń gba ẹrù lọ́wọ́ Mọ́rìnọ́lá lẹ́yìn tó bá kà á tán.

Àwọn ará àdúgbò sọ lẹ́yìn náà pé Ládòkun ní obìnrin kan ní Ìgànná, tó ń ró aṣọ òkè ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tó lè ní ojú òun ló ṣe kò sí.

Akínyẹlé ká lẹ́tà náà, ó ń wo ilẹ̀. Ládòkun kò gbé orí sókè. Mọ́rìnọ́lá fà á sọ, ohùn rẹ̀ kò le rárá.

“Bàbá Bàṣírátù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi orúkọ Ọlọ́run ṣẹ́ èpè fún Àrínọlá lójú yín, ẹ sì ń ṣe àmín.”