Ọwọ́ Tí Àlejò Gbé Sókè

Ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sí ara ògiri ilé mi ní Ifisin ti gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kun ibẹ̀ lọ́dà, síbẹ̀ mo mọ ojú ibi tí ó wà. Ìkíni ló fà á.

Ọmọ mi obìnrin, tí ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Faransé, ló mú ọ̀dọ́kùnrin ará ibẹ̀ tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ wá kí mi. Kí wọ́n tó dé, ó ti kọ́ ọ pé kí ó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, kí ó má kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ẹni tí ó jù ú lọ, kí ó má sì fi ọwọ́ òsì kí ẹnikẹ́ni láéláé. Ọkùnrin náà gbìyànjú. Ó nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé, àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Inú mi dùn. Àmọ́ kò sí ẹni tí ó rántí sọ fún un bí ọkùnrin ṣe ń kí ìyàwó oníyàwó.

Ìyàwó aládùúgbò mi, tí wọn kò tíì pẹ́ gbé wọlé, ń yan gààrì lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà láàárín ilé wa méjèèjì. Ó kúnlẹ̀ kí àlejò. Ní ìlú àlejò náà, bí wọ́n bá fi obìnrin han èèyàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, apá kan, lẹ́yìn náà apá kejì. Ètè a máa dún, ṣùgbọ́n kì í sábà kan ara. Ẹni tí ó bá fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ wọn, òun ni wọ́n ń pè ní aláìníwà. Àlejò di obìnrin náà léjìká mú, ó gbé e dìde, ó sì kí i bẹ́ẹ̀. Ìyàwó náà dúró gbagidi bí igi. Igbá tí ó fi ń ro gààrì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ń ti oko ọ̀pẹ bọ̀ nígbà náà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kíkà nígbà tí ó wà lọ́mọdé, mo sì mọ inú fùfù rẹ̀. Ó ju ìdì ẹyìn tí ó rù sílẹ̀. Ìkúùkù àkọ́kọ́ ba àlejò lẹ́nu, eyín kan fò jáde. Ó ṣubú, àwọn ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á nípàá níhà.

"Ní ojúde ulé mi?" ni ọkọ ń wí, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ròkè. "Lójú mi báyìí?"

Ọmọ mi ń bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbọ́. Àlejò fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, àtẹ́lẹwọ́ síta, gbogbo ìka yà síra wọn. Níbi tí ó ti wá, ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé, mi ò mú ohun ìjà dání, ẹ jọ̀wọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó bá ya ìka márùn-ún sí ọ lójú ti bú ìyá rẹ. Mẹ́wàá ni ti àlejò yà. Aládùúgbò mi yìí kò sì tíì pẹ́ sin ìyá rẹ̀.

Ó fa àdá yọ. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ló bá. Mo rí ìka méjì tí awọ nìkan mú dúró.

Ọmọ mi ṣubú lé ẹni tí ó fẹ́ fẹ́, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ bò ó. Àdá tún ròkè. Mo mọ̀ pé ariwo kò ní dá a dúró, agbára mi kò sì ká a. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo kọ́ ní á, bí, dí.

"Mo bẹ̀ ọ́," ni mo wí láti ilẹ̀. "Kò bú ìyá rẹ. Bí wọ́n ṣe ń tọrọ ẹ̀mí nílùú wọn nìyẹn."

Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ ẹrù tí ó wà nínú kí àgbà nà sílẹ̀ fún ọmọdé. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ dìde, Tíṣà. Ẹ má fi eléyìí pa mí."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ló gbé àlejò sáré lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó. Wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n rán ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n ìka kan kò ṣe é gbà là. Nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni ibi tí òun ti ṣì í. Mo ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Mo fi hàn án pé bí a bá ń bẹ̀bẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ la fi ń ra àtẹ́lẹwọ́, orúnkún a sì wà nílẹ̀. Ó wo báńdéèjì rẹ̀.

Kí ọmọ mi àti àlejò tó padà sí ilẹ̀ Faransé, aládùúgbò mi àti ìyàwó rẹ̀ wá sí pálọ̀ mi. Ọkọ ló dàgbà jù, òun ló yẹ kí ó kọ́kọ́ na ọwọ́. Ó na ọ̀tún, ó sì rí báńdéèjì. Àlejò tẹrí ba, ó fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ. A kò mọ ibi tí a ó wò.

"Èmi ni mo gé ọ̀tún," ni ọkọ wí. "Mú òsì wá."

Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí àlejò. Àlejò dáhùn láti ibi tí ó dúró sí.